Ìwé tí onílé ń lẹ̀ mọ́ géètì

Olóòtú Àgbà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n bá àwa onílé Èkó sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ géètì fún àwọn ayálégbé. "Ẹ kò gbọdọ̀" ló máa ń kún inú rẹ̀, kò sì ní sọ ìdí kankan.

Ọ̀rọ̀ ibi tí à ń gbé ọkọ̀ sí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ń fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìbú, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ lè ráyè ṣí. Ká ní àgbàlá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 44, tí ẹ yọ 12 sílẹ̀ fún ọ̀nà géètì, 32 ló kù, ọkọ̀ mẹ́rin péré. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ilé mọ ìdí tí ọkọ̀ àlejò àti ọkọ̀ kejì fi ń dúró síta.

Ẹ má ka orí sókàwéè mọ́ ibi tí ọkọ̀ lè dúró sí. Kọnkéré tí a fi bo ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní irin tó lè gbé ọkọ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ sán fínnífínní láti etí ìdérí, òórùn á máa jáde lẹ́yìn òjò, kí ilẹ̀ tó wá rì. Ẹ fi ọ̀dà yẹ́lò yí i ká. Ọkọ̀ tó ń fa ṣàlàńgá náà gbọ́dọ̀ lè dé ìtòsí rẹ̀.

Ní ti pààntí, ẹ ní kí wọ́n so ẹnu àpò rẹ̀ le, kí wọ́n sì gbé e síta láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń bọ̀. Èyí tó bá sùn síta, ajá àti ewúrẹ́ á ti tú u kí ilẹ̀ tó mọ́, òjò á sì gbá a lọ sínú gọ́tà. Eérú èédú, ẹ ní kí wọ́n fi omi pa á kí wọ́n tó dà á. Iná tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀ máa ń jó dírọ́ọ̀mù oníke.

Àlejò ni ibi tí onílé ti sábà máa ń kọjá àyè rẹ̀. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011, èyí tó yọ àwọn àdúgbò bí Ìkòyí àti Àpápá sílẹ̀, sọ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìkọ̀kọ̀ nínú ilé tó sanwó rẹ̀. Ẹ lè sọ aago tí géètì ń tì, ẹ sì lè ní kí ariwo dínkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sùn sí yàrá ayálégbé kò sí lọ́wọ́ yín. Bí mo bá fẹ́ kọ ọ́, báyìí ni màá ṣe kọ ọ́:

"Ẹ̀yin ará ilé wa, a máa ń ti géètì ní aago 10 alẹ́ nítorí olè. Ẹni tó bá ń retí àlejò lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún máígáàdì ṣáájú. Bí àìsàn bá dé, a óò ṣí i nígbàkigbà."

Èmi ni tiyín,
Onílé kan, Agége