Ẹ Jẹ́ Kí Àgbà Ríbi Ṣe Àmín: Lẹ́tà Sí Ẹ̀yin Tó Ń Kọ Káàdì Ọjọ́ Ìbí

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ káàdì ọjọ́ ìbí ni mo fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn káàdì kékeré tí ẹ máa ń fi sínú ẹ̀bùn fún bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá yín tàbí ẹni tó tọ́ yín dàgbà. Ní àdúgbò wa ní Ìlọrin níbí, èmi ni àwọn ọmọ máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá pé, "Màmá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ ọ́ síbẹ̀." Èyí tí mo ti yẹ̀ wò ti pọ̀ débi pé mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, àgbà tí ẹ kọ káàdì sí kọ́ ló máa kà á. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò sì rántí ibi tí wọ́n gbé awò sí. Ọmọ-ọmọ kan ni wọ́n máa pè pé, "Gbà, kà á sí mi létí." Ọmọ náà á dúró láàárín pálọ̀, àwọn àlejò á dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bó bá ti kan àdúrà, gbogbo ilé ni yóò máa ṣe àmín. Etí lẹ ń kọ káàdì fún, kì í ṣe ojú, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan wò. Ká sọ pé Sìdíkátù lorúkọ ọmọ náà, Sàbó-Òkè ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ń pé ọdún 80. Òkèlele ni ìyá náà wà, wọ́n sì wà lára àwọn ìyá tó fi ọjọ́ ayé wọn mọ ìkòkò ní Dàdá. "Ìyá Àgbà" ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Sìdíkátù jókòó, ó kọ báyìí:

"Sí ìyá mi ọ̀wọ́n, mo fi àsìkò yìí kí yín kú ọjọ́ ìbí yín ti 80. Ìyá rere ni yín, abiyamọ tòótọ́, òpómúléró, obìnrin bí ọkùnrin. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún rẹ ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà àti owó àti ọmọ àti gbogbo ohun rere tí ọkàn rẹ ń fẹ́ títí tí ẹ ó fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Tiyín ní tòótọ́, Sìdíkátù."

Ẹni tó bá yára kà á á ní kò burú. Ẹ jẹ́ ká rọra tẹ̀ lé e.

Ó fi "yín" bẹ̀rẹ̀, ó dé ìdí àdúrà, ó di "rẹ", ó tún padà di "ẹ". Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ló ń fà á. Àdúrà tí a máa ń gbọ́ fún ẹgbẹ́ wa ló máa ń sáré wọlé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú "rẹ" tó wà lẹ́nu rẹ̀. Lójú ìwé, kò hàn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu ọmọ tó ń kà á sókè, gbogbo pálọ̀ ló máa gbọ́ pé ọmọ yìí "o" àgbà. Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ wá gbogbo "o", "ọ" àti "rẹ" tó ń tọ́ka sí àgbà náà, ẹ fi "ẹ" àti "yín" rọ́pò wọn, kódà bó ṣe ìyá tó bí yín lọ́mọ tí ẹ sì jọ máa ń ṣeré. Eré inú yàrá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n máa kà sétí àlejò.

"Sí ìyá mi ọ̀wọ́n" àti "Tiyín ní tòótọ́", ìwé tí èèyàn fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe àgbà náà nínú ilé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Ìyá Àgbà, Bàbá Ọ̀fà, Ìyá Oníṣu, Bàbá Alájì. Ẹni tó bá ti lọ sí Mẹ́kà, ẹ má yọ Alájì tàbí Alájà kúrò. Àwọn kan ò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á rí i. Ẹ má pe orúkọ àbísọ wọn lásán. Oríkì dára, Àkànní tàbí Àmọ̀kẹ́, bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi kì wọ́n nínú ilé, tí ẹ sì fi Bàbá tàbí Ìyá ṣáájú rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀ káàdì, ẹ rántí pé ẹni tó pé ọdún 80 lè ní Sìdíkátù mẹ́ta nínú ẹbí. "Sìdíkátù ti Sàbó-Òkè" ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má sì gbé oyè yín síbẹ̀ o. Mo ti rí ọmọ tó kọ "Ẹnjiníà" síwájú orúkọ ara rẹ̀ nínú káàdì ìyá àgbà tó pọ̀n ọ́n dàgbà. Ta ló fẹ́ fi han?

Òpómúléró, abiyamọ tòótọ́, obìnrin bí ọkùnrin: kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì mẹ́wàá tí wọ́n bá kà lọ́jọ́ náà, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa ní i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni míì ò lè kọ ló ń fi hàn pé ó ti inú wá. Mo bi Sìdíkátù pé, kí ni ìyá yìí ṣe fún un tí kò lè gbàgbé? Ó kọ́kọ́ ní àwọn ni wọ́n san owó wáẹ́kì òun nígbà tí kò sí lọ́wọ́ bàbá òun. Mo ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n má kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n máa kà á sókè, bàbá rẹ á sì wà níjòókòó. Lọ kúnlẹ̀ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní kọ̀rọ̀. Ó tún ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tí òun kéré, tí òun lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi èyí tó kù nínú amọ̀ mọ ìṣaasùn kékeré kan fún òun, òun ṣì ń fi se ọbẹ̀. Mo ní ó parí! Ohun tí a ń wá nìyẹn.

Ó wá kan àdúrà, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Àdúrà Sìdíkátù jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo tó gùn bí òkun. Èémí ọmọ tó ń kà á á fẹ́ẹ̀ẹ́ já, àwọn tó ń gbọ́ ò ní mọ ibi tí àmín wà, wọ́n á kàn máa wojú ara wọn. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Kí àdúrà kan má ju ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, kí ẹ fi àmì ìdánudúró sí i, kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, àmín. Ara yín á máa le, àmín. Ọ̀nà tí a ń gbà wúre látilẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ ń tọrọ fún wọn. Sìdíkátù ń tọrọ ọmọ fún ẹni 80. Ó rín mi lẹ́rìn-ín, mo ní kó sọ ọ́ di kí wọ́n jẹun ọmọ pẹ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún tó fi òpin sí yẹn, ẹni 60 lè gbà á. Ẹni tó ti pé 96 á rò pé ọdún mẹ́rin péré lẹ fẹ́ fún òun. Ẹ má dá iye kankan. "Igba ọdún, ọdún kan ni" ti bo gbogbo rẹ̀. Bí àgbà náà bá sì ti sin ọmọ rí, ẹ ò gbọdọ̀ kọ "ẹ ò ní sunkún ọmọ" síbẹ̀, torí wọ́n ti sun ún. Àìsàn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ má dárúkọ rẹ̀. "Ara yín á máa le" ti kó orúnkún àti ẹ̀yìn mọ́ra.

Ti ẹ̀sìn kò gùn. Ọ̀pọ̀ ilé wa, ní Ọ̀fà, Òrò àti Ọmù-Àrán pàápàá, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ni wọ́n jọ ń jẹun pọ̀, "Ọlọ́run" sì bá gbogbo wọn mu. Àwọn àáfà kan wà tí wọn kì í fẹ́ àjọ̀dún ọjọ́ ìbí rárá. Fún irú wọn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, ẹ kọ pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí yín sí fún wa," kí àdúrà máa bá a lọ.

Iye ọdún náà gba sùúrù. Àwọn tó ń pé 80 nísinsìnyí, ayé Ẹ́míà Àbúdùkádírì, tó wà lórí oyè láti 1919 sí 1959, ni wọ́n bí wọn, ọ̀pọ̀ ni kò sì sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ bi àkọ́bí wọn léèrè kí ẹ tó kọ iye kan. Bí kò bá dájú, "ẹ kú ọjọ́ ìbí" nìkan tó. Bó bá dájú, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́ nínú káàdì, ẹ má kọ "80", torí "éètì" ni ọmọ tó ń kà á á pè é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ó kéré tán lórí "ọjọ́ ìbí". Ọmọ tí kò rí àmì lè kà á bí ọjọ́ ibi, láàárín èrò.

Èyí ni ohun tí Sìdíkátù kọ nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá ńlá:

"Ìyá Àgbà,
Ẹ kú ọjọ́ ìbí, ẹ kú oríire ọgọ́rin ọdún.
Ìṣaasùn kékeré tí ẹ mọ fún mi nígbà ọlidé ṣì wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń sebẹ̀.
Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín. Ara yín á máa le. Ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́. Igba ọdún, ọdún kan ni.
Èmi ọmọ yín, Sìdíkátù ti Sàbó-Òkè."

Ó ní ṣé kò kéré jù? Mo ní kó kà á sókè sí mi létí. Ó kà á, mo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò ṣì í níbì kankan.

Bí ẹ bá jìnnà, tó jẹ́ pé àwòrán káàdì náà lẹ máa fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kó dúró kí wọ́n kírun tàbí kí wọ́n gbàdúrà òwúrọ̀ tán, kí wọ́n jẹun díẹ̀, kó tó kà á. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ má ṣàwáwí nínú káàdì. "Ẹ kú ọjọ́ ìbí tó kọjá, ẹ má bínú sí mi" ti tó, ẹ bọ́ sórí àdúrà.

Èmi ni,
Ìyá yín ní Ìlọrin.