Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa: Owó Èlùbọ́ àti Ohun Tí Mo Kọ Sábẹ́ Àwòrán

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àfaradà. Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan nínú yín kí n tó la ẹnu. Láti ọjọ́ Ajé, àpò èlùbọ́ iṣu kílò 2 tí à ń tà ní ₦5,500 yóò di ₦6,600. Mo sì ti yọ ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán wa lórí Wáàsáàpù, èyí tó ní: “Ọjà: kóńgò méjì, ₦7,200. Àwa: àpò kan, ₦5,500. Tiwa kò ní àdàlù bíi tàwọn kan.” Ẹnìkan ti ní mo yọ ọ́ torí pé mo fẹ́ fowó lé e. Ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Ọdún kẹfà rèé tí ẹnìkan ti ń kó gbodo fún mi láti Ṣakí. Gbodo tó bá gbẹ, tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, á dún kẹ́. Èyí tó kó wá lóṣù tó kọjá ń tẹ̀ bí awọ ni. Bí mo bá lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, á ti bu nínú náílọ́ọ̀nù kí ó tó dé ìdí ààrò yín. Mo tún un sá. Òjò ń lé wa wọlé, à ń kó o jáde, à ń kó o wọlé. Nígbà tó gbẹ tán, àpò tí mo rà ní kílò 50 ti di 43. Omi kílò méje ni mo fowó gbodo rà, nínú àpò kọ̀ọ̀kan! Mo pè é, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òjò ni kí ẹ bá wí.” Ṣé òjò ni mo sanwó fún ni? Ẹ má tíì fi owó ọkọ̀ kún un o.

Ti ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ńkọ́? Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ni ọmọ rẹ̀ kà á fún. Màmá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, èlùbọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́. “Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi lú u?” Mo ní n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní èèyàn mélòó ló ń ta èlùbọ́ ní ìlà àwọn, tí àwọn oníbàárà kò fi ní mọ̀ pé òun ni? A ro tirẹ̀, a ro tiwa. Tiwa dú, tirẹ̀ pọ́n díẹ̀. Láfún ló wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Irú iṣu, bí omi tí a fi bọ̀ ọ́ ṣe gbóná tó, bó ṣe pẹ́ tó nínú omi náà àti bí oòrùn ṣe mú un, gbogbo rẹ̀ ló ń yí àwọ̀ àmàlà padà. Àwọ̀ nìkan ni mo ní lọ́wọ́, àwọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 pàápàá kò fẹ́ kéèyàn fi irọ́ polówó ọjà. Mo bẹ màmá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé òṣùwọ̀n lọ sí Bódìjà. Mo ra kóńgò kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀ mẹ́ta, ₦3,600 ni gbogbo wọn. Ọ̀kan jẹ́ kílò 1.2, èkejì 1.25, ìkẹta tí ìyá tó tà á wọ̀n gegele jẹ́ 1.35. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 3.8 ní ₦10,800, nǹkan bíi ₦2,840 fún kílò kan. Ojú tì mí. Kóńgò méjì tí mo fi wé àpò wa ju kílò 2 lọ! Mo jẹ́ kó dà bí pé ẹ ń jèrè ₦1,700 lọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe fi kílò wé kílò, kò tó igba náírà. Ní iye tuntun yìí, tiwa ló wọ́n jù.

Ohun tí ẹ ó máa rí báyìí nìyí: “Èlùbọ́ iṣu wa: kílò 2, ₦6,600, ìyẹn ₦3,300 fún kílò kan. Kóńgò mẹ́ta tí a rà ní ìsọ̀ mẹ́ta ní Bódìjà, tí a sì wọ̀n: nǹkan bíi ₦2,840 fún kílò kan. A jọ tiwa lẹ́ẹ̀mejì, a sì kọ ọjọ́ tí a lọ̀ ọ́ sára àpò.” N óò máa kọ ọjọ́ tí mo ra tọjà sí i, torí iye ọ̀sẹ̀ yìí lè má jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò kọ pé àwa nìkan là ń jọ̀ ọ́ o. N kò tíì wo ajọ̀ ẹlòmíì.

Mo ti ń bá ẹnìkan ní Ìgbòho sọ̀rọ̀ lórí gbodo. Àpò 14 ló kù ní ₦5,500, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè la ó kó o fún.