"Wọ́n" tó dà mí láàmú

Bíọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀? Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni ò jẹ́ kí n ráyè.

O rántí pé èèyàn 18 tó kúrò nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù bọ́ sí ìjọ Aládùúrà ní Ìbàdàn ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ iṣẹ́ náà, mo ní kí ẹnì kan túmọ̀ ìdajì àdàkọ ọ̀rọ̀ wọn, mo sì ń fi kóòdù, ìyẹn àmì tó ń sọ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá lé, sí ara Gẹ̀ẹ́sì náà. Kóòdù kan wà tí mo pè ní "ta ló fà á": òun fúnra rẹ̀, Ọlọ́run, ẹbí, tàbí ìjọ.

Ó wá kan màmá aláṣọ kan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn kan ló ní kí wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ "ìjọ" sí i, mo tún fi "ìfipámúni" tì í. Lálẹ́, mo tẹ́tí sí ohùn wọn gan-an: "Wọ́n ní kí n wá." Ta ni wọ́n? Mo dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, àṣé ìyá ọkọ wọn ni! "Wọ́n" ọ̀wọ̀ ni, ẹnì kan péré. (Wo bí èmi náà ṣe ń pe màmá ní "wọ́n".) Mo yẹ gbogbo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wò nínú àdàkọ mẹ́sàn-án tí a túmọ̀. Wọ́n jẹ́ 41; nínú 17, àgbà kan ṣoṣo ni, tí ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ará ilé ọkọ. Ìjọ tó wà lókè tábìlì mi já wálẹ̀, ẹbí gorí àga.

Èyí tó tẹ̀ lé e tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ́rìí lórí pẹpẹ: "Ọlọ́run ló mú mi wá." Àìsàn ọmọ ló ṣáájú, àlá tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ dé. Nígbà tí wọ́n ti gbàgbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n ní: "Mo kàn ń bá wọn lọ ni. Ó tó ọdún méjì kí n tó ṣèrìbọmi." Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ọdún kan ti kọjá tí wọ́n ti ń lọ kí ọmọ náà tó ṣàìsàn. Ká ní mo ti fi àwọn ìpele ìyípadà ẹ̀sìn tí onímọ̀ Lewis Rambo tò sílẹ̀ ní 1993 ṣe kóòdù, níbi tí ìdààmú ti ṣáájú ìwákiri, ǹ bá ti to àìsàn yẹn síwájú láìwo ọjọ́. Rambo fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé àwọn ìpele náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, orí Yorùbá nìkan ni mò ń fi kóòdù sí, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni: ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, àti ibi tí olùsọ fi í sí nínú ìtàn rẹ̀. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì.

Mo fi àdàkọ mẹ́ta ránṣẹ́, mo ti yọ orúkọ kúrò. Jọ̀wọ́, fi kóòdù tìrẹ sí i kí o tó wo tèmi. Bí a bá ta ko ara wa lórí "wọ́n", àlàyé tí mo kọ fún kóòdù náà ni mo máa tún kọ.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Dàpọ̀