Kí Àga Òfìfo Má Baà Yà Ẹ́ Lẹ́nu Mọ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Ọ̀nà jìn sí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n gúrúpù Wasáàpù kan náà la ó máa wà látàárọ̀ dalẹ́. O bi mí pé kí ló dé tí o kàn kọ “mò ń bọ̀”, tí èèyàn mẹ́rin fi da sítíkà àga òfìfo bò ẹ́. Wọn ò bínú sí ẹ. Wọ́n ń kí ẹ káàbọ̀ ni.

Ìpàdé orí fídíò kan la wà nígbà náà, tí ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó ìṣirò owó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀.” Wọ́n dìde, wọn ò pa kámẹ́rà, wọn ò sì padà mọ́. Àga wọn ló bá wa ṣèpàdé náà parí. Ọ̀gá tilẹ̀ bi àga léèrè bóyá ó ní ohun tó fẹ́ fi kún un! Ẹnì kan ti ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, ó gé àga yẹn jáde, ó sọ ọ́ di sítíkà kó tó di pé ìpàdé tú.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní “mò ń bọ̀”, àga ni ìdáhùn. Bí ìwọ fúnra rẹ bá fi í ránṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé o fẹ́ dìde nídìí iṣẹ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi í sábẹ́ ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó dáhùn, wọ́n ń bú gbogbo wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló ń lò ó jù, òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ náà di ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ara òun ò yá, a kì í fi àga dá a lóhùn. Má sì kọ́kọ́ jù ú sí ọ̀gá. Dúró kí wọ́n jù ú sí ẹ ná.

Èyí tó yẹ kó o ṣọ́ra fún jù ni sítíkà bàbá arúgbó tó ń mi orí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rò pé “mo gbà” ni. Lọ́dọ̀ wa, “mo ti rí i” lásán ni. Ẹnì kan tó dé ṣáájú rẹ béèrè ní gúrúpù pé, “Ṣé kí n fi ìwé àdéhùn yìí ránṣẹ́ sí oníbàárà?” Bàbá arúgbó mẹ́ta ló tò tẹ̀ léra wọn lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ̀dà àtijọ́ ni, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i wò nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tó fọwọ́ sí i, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n lè wá jáde, nítorí pé bí o bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwákiri Wasáàpù, kò lè bá ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára sítíkà. Nítorí náà, ìbéèrè tó bá ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Bí bàbá arúgbó bá dá ẹ lóhùn, tún béèrè, kò sẹ́ni tó máa pè ẹ́ ní aláìgbọ́n.

Fa ọ̀rọ̀ tí ò ń fèsì sí sápá ọ̀tún kó o tó yan sítíkà. Bí èèyàn mẹ́fà bá ti sọ̀rọ̀ láàárín, sítíkà tí kò so mọ́ nǹkan kan á bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, ẹ̀rín rẹ á wá dà bíi pé o ń fi ìròyìn burúkú ẹni náà ṣe yẹ̀yẹ́. Rántí pẹ̀lú pé bí ìka bá ti kan sítíkà báyìí, ó ti lọ. Kò ní bi ẹ́ bóyá ó dá ẹ lójú. Gúrúpù tí àwọn oníbàárà wà níbẹ̀ sì jọ tiwa lórúkọ. Wo orúkọ òkè dáadáa. Bó bá ṣèèṣì lọ, “Delete for everyone” ni kó o tẹ̀, kì í ṣe “Delete for me”, torí ìyẹn á pa á rẹ́ lójú tìrẹ nìkan.

Láìpẹ́ wọ́n á sọ ìwọ náà di sítíkà, mo mọ̀ wọ́n. Bí èyí tí wọ́n ṣe kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju “ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ èyí” lọ. Wọ́n á yọ ọ́ láìjanpata. Bí o bá dákẹ́ títí di ọjọ́ kejì, àwọn kan á ti fi í pamọ́ sínú sítíkà ààyò wọn, pípa tí ẹni tó ṣe é bá sì pa á rẹ́ ní gúrúpù kò ní mú un kúrò níbẹ̀. Tèmi ni èyí tí mo la ẹnu sílẹ̀ tí mò ń yán. Bí o bá rí i, tẹ̀ ẹ́, fi pamọ́, mo ti gbà.

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ