Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa eyín Màmá

Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Màmá ní kí n má sọ fún ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi pamọ́. Eyín iwájú wọn méjì ti ń mì, bí pákò bá sì ti kan èrìgì wọn báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n ní eyín tó ti jẹ ẹran Iléyá fún ọgọ́ta ọdún, ó yẹ kó sinmi. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti rí láti bí oṣù mẹ́ta hàn, tó wà ní 7.4% tẹ́lẹ̀, ti di 9.1%, bẹ́ẹ̀ wọn kò fo oògùn, oúnjẹ wọn kò sì yí padà. Kò sẹ́ni tó wo ẹnu wọn títí mo fi mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àlàfo tó wà láàárín eyín àti èrìgì. Èyí tí kò yẹ kó ju mílímítà 3 lọ ti di 6. Ó ní bí ṣúgà bá ti ga, ara kì í lè bá kòkòrò inú ìdọ̀tí eyín jà dáadáa mọ́, egungun tó di eyín mú a sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láìdunni. Ohun tí n kò mọ̀ rí ni pé èrìgì tó wú náà a máa tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣúgà a sì tún ga sí i. Bí wọ́n bá ha ìdọ̀tí abẹ́ èrìgì kúrò, 9.1 yẹn lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bóyá kó tó ìdajì ẹyọ kan. Ìyẹn kò ní kí wọ́n fi oògùn sílẹ̀ o.

Ọjọ́ náà gan-an ni Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọn kò sọ fún dókítà pé àwọn ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ní kí ni ṣúgà fi kan eyín. Wọ́n ti lo gilibẹnkilamáìdì, oògùn wọn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, láàárọ̀, wọn kò sì jẹun, torí wọ́n rò pé òfìfo inú ni wọ́n fi ń rí dókítà eyín. Ìgbà tí ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni mo sọ̀rọ̀. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn lójú ẹsẹ̀ náà jẹ́ 62 mg/dL, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 70. Wọ́n fún wọn ní omi ṣúgà mu, wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà ni dókítà béèrè èsì àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, orúkọ gbogbo oògùn wọn, ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn, àti bóyá irú gbígbọ̀n bẹ́ẹ̀ ti ṣe wọ́n rí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pàápàá, amilodipíìnì, a máa mú èrìgì ẹlòmíràn wú.



Àbẹ̀kẹ́, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà, Màmá sì ti ní àwọn kò lọ, pé ọkùnrin kan ládùúgbò yóò bá àwọn fa eyín náà yọ. Jọ̀wọ́, pè wọ́n kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú. Ní kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn wọn, kí wọ́n sì kó gbogbo páálí oògùn náà dání. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́