Lẹ́tà sí Olóòtú: Ẹ ò dárúkọ oníṣòwò nínú ọ̀rọ̀ àwọn Mòńgólì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Jẹ́ńgíìsì Káànì, ọba àwọn darandaran Mòńgólì lápá àríwá Ṣáínà, àtàwọn èèyàn ẹ̀, mo sì gbádùn ẹ̀, àmọ́ nǹkan kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Látòkè délẹ̀, ẹṣin àti ọfà ṣáá lẹni tó kọ ọ́ ń sọ, bí wọ́n ṣe ń ta ọfà lórí eré, bí wọ́n ṣe máa ń díbọ́n bí ẹni ń sá káwọn ọ̀tá lè lé wọn kó sí pàkúté. Kò parọ́ o. Àmọ́ kò dárúkọ oníṣòwò kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọ̀rọ̀ oníṣòwò gan-an ló gbé ogun wọn dé Páṣíà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹṣin yẹn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin Mòńgólì kò ga, kò sì rẹwà lójú, àmọ́ tí yìnyín bá bo ilẹ̀, pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀ ló máa fi wà á kúrò tó máa fi jẹ koríko abẹ́ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ru oúnjẹ ẹṣin lọ sójú ogun. Ọmọ ogun kan lè ní ẹṣin mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì márùn-ún, tó bá gun ọ̀kan tó rẹ̀ ẹ́ á bọ́ sórí òmíì, wàrà tí wọ́n bá fún lára àwọn abo ẹṣin ni wọ́n ń mu lójú ọ̀nà. Ìyẹn dáa. Àmọ́ kí ni darandaran ní nílé? Ẹran àgùntàn, wàrà, awọ, irun àgùntàn tí wọ́n ń fi ṣe àgọ́. Òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ò jẹ́ kí oko dáa níbẹ̀, ọkà, aṣọ tó dáa, àti púpọ̀ nínú irin tí wọ́n ń lò, ìta ló ti ń wá. Nítorí náà, yálà kí wọ́n rà á tàbí kí wọ́n jà á gbà, nígbà tí àwọn ọba Ṣáínà bá sì ti ọjà mọ́ wọn, ìjàgbà ló kù. Ẹ wá rí i pé ẹni tó bá di ẹrù sórí ràkúnmí wá bá wọn, àlejò pàtàkì ni lójú wọn.

Ìtàn kan wà tí òǹkọ̀wé Páṣíà kan tó bá wọn ṣiṣẹ́ kọ sílẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n fi Tẹ́mújìnì jọba lọ́dún 1206, tí wọ́n sì wá ń pè é ní Jẹ́ńgíìsì Káànì, àwọn oníṣòwò mẹ́ta láti ìlú Bùkárà kó aṣọ wá fún un. Ọ̀kan nínú wọn wá pe iye tó ju iye tó fi rà á lọ fíìfíì, ó rò pé ará oko ni wọ́n. Inú bí Jẹ́ńgíìsì, ó ní ṣé ọ̀gbẹ́ni yìí rò pé aṣọ ò dé ọ̀dọ̀ àwa rí ni, ló bá ní kí wọ́n mú un lọ wo yàrá ìkẹ́rùsí òun, wọ́n sì gba ẹrù ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó kan àwọn méjì yòókù, wọn ò jẹ́ dá iye kankan, wọ́n ní ẹ̀bùn làwọn gbé wá fún ọba. Inú ẹ̀ dùn, ló bá sanwó tó pọ̀ fún wọn, ó tún dárí ji ẹni àkọ́kọ́, ó sì sanwó tiẹ̀ náà. Ṣé ẹ rí i, ọba tó ń ronú bó ṣe máa jẹ́ kí oníṣòwò tún padà wá nìyẹn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ òun àtàwọn ìjòyè òun yan èèyàn méjì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún wọn ní wúrà àti fàdákà ṣe ojú owó, kí wọ́n bá àwọn oníṣòwò yẹn padà lọ rajà nílẹ̀ Kọ̀wárẹ́síìmù, ìyẹn ìjọba Sọ́tánì Mùhámádì tó ń darí Bùkárà, Sàmákándì àti púpọ̀ nínú Páṣíà nígbà yẹn. Àwọn tó lọ tó 450, Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Lọ́dún 1218 wọ́n dé Ótírárì, ìlú ẹnubodè kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kàsàkísítáànì lónìí. Gómìnà ibẹ̀, Inálíṣúkì, tó jẹ́ ẹbí ìyá Sọ́tánì, ojú ẹ̀ wọ ẹrù yẹn, ó ní amí ni wọ́n, ó sì pa gbogbo wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló bọ́, wọ́n ní ó ń da ràkúnmí ni, òun ló sáré lọ ròyìn fún Jẹ́ńgíìsì.

Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé kò gbé ogun lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ rán ikọ̀ mẹ́ta pé kí wọ́n fa gómìnà yẹn lé òun lọ́wọ́. Sọ́tánì pa ọ̀kan nínú wọn, ó gé irùngbọ̀n àwọn méjì tó kù, ó sì lé wọn padà. Ó parí! Lọ́dún 1219 wọ́n dó ti Ótírárì fún bí oṣù márùn-ún, nígbà tó di 1220 Bùkárà àti Sàmákándì ti bọ́, Sọ́tánì sá títí ó fi lọ kú sí erékùṣù kan nínú òkun Kásípíà lópin ọdún yẹn kan náà. (Òǹkọ̀wé yín ní wọ́n yọ́ fàdákà dà sójú àti etí gómìnà yẹn. Lóòótọ́, ẹnì kan nínú àwọn tó kọ̀tàn nígbà yẹn sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn míì ò sọ ọ́, èmi ò ní fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí.) Mi ò sọ pé ìyà ò jẹ àwọn ará ìlú o, ìparun tó dé bá wọn kò ṣeé fẹnu sọ, ọ̀pọ̀ ló kú tí kò mọ nǹkan kan nípa ràkúnmí ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ tí àwọn Mòńgólì ń darí ń fẹ̀ sí i lẹ́yìn Jẹ́ńgíìsì tó kú lọ́dún 1227, nígbà tó fẹ̀ jù, Nàìjíríà wa yìí á wọ inú ẹ̀ ní bíi ìgbà 26. Tàwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ jù ú lọ lóòótọ́, àmọ́ òkun ló là á sí wẹ́wẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí òǹkọ̀wé yín béèrè ni pé báwo ni ìròyìn ṣe ń débẹ̀? Ọmọ Jẹ́ńgíìsì, Ògẹ́dèì, ló dáhùn ẹ̀. Ó gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yáámù, ìyẹn àwọn ìdíkọ̀ ẹṣin tí kò jìnnà síra, bí ìrìn ọjọ́ kan kan, àwọn ìdílé tí wọ́n yàn sí ìdíkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń pèsè ẹṣin, ẹran jíjẹ, abo ẹṣin fún wàrà, àti ọmọlanke. Ìránṣẹ́ ọba á mú irin pẹlẹbẹ kan dání, ti fàdákà tàbí wúrà gẹ́gẹ́ bí ipò ẹ̀, ti igi sì wà fún àwọn kékeré, tó bá ti fi hàn wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹṣin fún un kó máa lọ. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú lè rin ju 200 kìlómítà lọ lójúmọ́. Ògẹ́dèì fúnra ẹ̀ ka yáámù mọ́ ohun dáadáa mẹ́rin tóun ṣe, ó tún jẹ́wọ́ pé ọtí wà lára àwọn ohun tóun ṣe tí kò dáa.

Àmọ́ ibi tó dùn nìyí, torí ètò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́, àwọn oníṣòwò tí wọ́n fẹ́ràn yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Àwọn ọmọ ọba àtàwọn ìyàwó ọba máa ń fún oníṣòwò ní fàdákà lọ ṣòwò, kó wá dá owó padà pẹ̀lú èrè, ọ́tọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀, ìyẹn alájọṣe. Ògẹ́dèì lawọ́ sí wọn ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní iye tí wọ́n bá pè, kí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá lé e. Àwọn akọ̀wé ní ọba, iye tí wọ́n pè gan-an ti pọ̀ jù, ó ní ẹ̀yin akọ̀wé náà kúkú ń gba tiyín lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má baà jẹ gbèsè ni! Lẹ́yìn tó kú lọ́dún 1241, kò wá sí ẹni tó ń wò wọ́n mọ́. Wọ́n ń pín irin pẹlẹbẹ fún oníṣòwò bí ẹni pín gúgúrú, oníṣòwò ń fi ẹṣin ìjọba ru ẹrù tara ẹ̀ láì sanwó, darandaran tó ń tọ́jú ìdíkọ̀ wá ń ta ẹran ẹ̀ kó lè rí ẹṣin pèsè. Téèyàn bá fẹ́ mọ ohun tí òwò ọ̀nà jíjìn yẹn ná wọn, ibẹ̀ ni kó wò, kó má wo sílíkì àti wúrà nìkan.

Mọ́ńkẹ̀, ọmọ ọmọ Jẹ́ńgíìsì, tó gorí oyè lọ́dún 1251 ló tún un ṣe. Ó gba gbogbo irin pẹlẹbẹ àtijọ́ padà, ó ní oníṣòwò kankan ò gbọ́dọ̀ gun ẹṣin yáámù mọ́, owó ara ẹ̀ ni kó fi rìn. Síbẹ̀, gbèsè ńlá tí Gúyúkù tó jọba ṣáájú ẹ̀ jẹ àwọn oníṣòwò, tí ọ̀pọ̀ ọba ì bá ti sọ pé kò kan òun, òun san án pátá. Èmi gbà pé ìyẹn ju ogun púpọ̀ tó jà lọ, torí ẹni tó bá ta ọjà fún wọn ti wá mọ̀ pé bí ọba bá kú, owó òun ò kú.

Olú ìlú wọn nígbà yẹn ni Kàrákórọ́ọ̀mù, àlúfáà Kátólíìkì kan tó débẹ̀ lọ́dún 1254 bá mọ́ṣáláṣí méjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan àti ilé òrìṣà méjìlá níbẹ̀, ó bá alágbẹ̀dẹ wúrà ọmọ Páríìsì kan pẹ̀lú tó fi fàdákà ṣe igi ńlá tí oríṣi ọtí mẹ́rin ń dà lára ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ṣòwò o, ẹrú ogun ni, Húńgárì ni wọ́n ti kó o.

Ìlú yẹn kò lè bọ́ ara ẹ̀. Lásìkò Ògẹ́dèì, wọ́n ti ṣètò kí ọmọlanke 500 tó kún fún oúnjẹ máa wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Mọ́ńkẹ̀ kú lọ́dún 1259, àbúrò ẹ̀ méjì, Kúbíláì àti Àríkì Bókè, wá ń du oyè. Àríkì Bókè ló di Kàrákórọ́ọ̀mù mú, ilẹ̀ àwọn baba wọn ló wà, àárín ẹṣin àti koríko. Kúbíláì ló ní àríwá Ṣáínà tí ọkà ti ń wá, ó kàn ní kí ọmọlanke dúró ni. Ebi mú wọn, Àríkì Bókè ṣí lọ sápá ìwọ̀-oòrùn lọ wá oúnjẹ, ebi tún bá wọn lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó di 1264 ó wá túúbá níwájú ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Tí òǹkọ̀wé yín bá máa kọ apá kejì, ẹ bá mi sọ fún un kó bẹ̀rẹ̀ látorí ọmọlanke yẹn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn