Bọ́lá, kéèsì tó o kọ ránṣẹ́ yẹn ò jẹ́ kí n sùn

Bọ́lá ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Mo pè ẹ́ títí o ò gbé e, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ní o kì í sùn mọ́, oúnjẹ gan-an dìgbà tí wọ́n bá fipá mú ẹ. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ kalẹ̀. Ooru Kubwa ti ń pa wá, omi ò yọ látàná, àbúrò ẹ ní Jáàmù òun dáa, a máa rí i.

Mo ka àwọn kéèsì aláìsàn tó o fi nóòtù lẹ́kíṣọ̀ kọ láti múra ìdánwò. O gbìyànjú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹta yẹn já mi láyà. O ní ọmọ ọdún 4 ni, oṣù kẹta, abúlé kan ní Katsina, ara ẹ̀ ti gbóná fún ọjọ́ 2, ó ń bì, gìrì mú un lẹ́ẹ̀kan, kò lajú mọ́, tẹ́ẹ̀sì ibà onílà ní ó ní ibà. O wá dáhùn pé màléríà tó wọ ọpọlọ, o fa ìlà sí i nídìí. Ta ló ní ó parí?

Wo oṣù tí ìwọ fúnra ẹ kọ. Oṣù kẹta ní Katsina, ọ̀gbẹlẹ̀ ni, eruku ni, ìgbà yẹn gan-an ni mẹnínjáítìsì máa ń jà lókè ọ̀hún, ìgbà òjò ni ibà máa ń pọ̀ níbẹ̀. O kọ ẹ̀rí sílẹ̀ o ò lò ó. Tẹ́ẹ̀sì yẹn ńkọ́? Ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ni èròjà tí kòkòrò ibà ń tú jáde, ó sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò náà. Tí ìyá ọmọ bá ti fún un ní oògùn ibà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìlà méjì ṣì lè jáde. Tí kòkòrò bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọmọ lè ní ibà kó tún ní mẹnínjáítìsì, ẹyọ kan ò lé èkejì jáde. Ìbéèrè oògùn yẹn gan-an ni kò sí nínú kéèsì ẹ, nítorí kò sí nínú nóòtù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, mo tún ń sọ ọ́: kí o má máa sáré pe orúkọ àìsàn. Mo ṣe nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ bí ìsáré yẹn ṣe máa ń rí.

Tún un kọ báyìí. Jẹ́ kí ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ìyá ṣe ń sọ ọ́, pé tí òun bá fẹ́ gbé e, ó máa ń ké, kò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orí ẹ̀. Má kọ “ọrùn gan” sí i, ìyẹn á ti tú mẹnínjáítìsì fó, ẹni tó ń ka kéèsì ni kó béèrè ọrùn. Kọ iye ìṣẹ́jú tó ti sùn lẹ́yìn gìrì, torí ọmọ tó jí láàárín ààbọ̀ wákàtí yàtọ̀ sí èyí tí kò jí rárá. Lẹ́yìn náà kí o dúró kí o béèrè pé kí lo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni! Ṣúgà tó wálẹ̀ ń fa gìrì, ó ń fa oorun, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni àyẹ̀wò ẹ̀. Ìgbà yẹn lo wá máa dé orí omi ọ̀pá ẹ̀yìn, tó bá rú tí ṣúgà inú ẹ̀ sì kéré sí ti ẹ̀jẹ̀ gan-an, o mọ ibi tó ń lọ. Tí kò bá sì ṣeé ṣe láti fa omi náà lára ọmọ lójú ẹsẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò mẹnínjáítìsì àti oògùn ibà máa wọlé papọ̀, o ò ní dúró.

Bọ́lá, má bínú pé mo ń pariwo. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, ẹni tó bá kọ́kọ́ na ọwọ́ ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún. Àbúrò ẹ tó máa ń rò ó kó tó dáhùn, mo máa ń ní kó yára. Èmi náà ni mo kọ́ ẹ ní ìsáré yẹn, mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé inú wọ́ọ̀dù lo máa gbé e dé. Ó ń dùn mí jàre.

Jẹun o. Mo ti fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe ti ìwé, ti oúnjẹ ni, mo máa béèrè.

Kéèsì kan náà, sọ ọmọ ọdún 4 yẹn di ọmọ oṣù 5. Ọrùn ẹ̀ lè má gan rárá, àwùjẹ̀ ló lè wú, tàbí kó kàn kọ ọmú. Wo bí gbogbo ohun tó o máa béèrè ṣe máa yí padà. Kọ ọ́, má kọ ìdáhùn sí i, fi ránṣẹ́ sí mi, Dádì ẹ náà fẹ́ kà á, ó ní òun máa mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni.

Mọ́mì ẹ